Owó kékeré, ohun mẹ́rin fún ojú: èwo ló yẹ ká kọ́kọ́ rà?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn ìyá wọn sọ nínú gbọ̀ngàn ìjọ kan ní Ìyàrà.

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ìyá mi. Ọ̀kun o, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìjùmú, àti ẹ̀yin tí ẹ ti Kàbà wá. Ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú ooru.

Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọmọbìnrin kan wọ fámásí mi ní Kàbà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ó ń ta aṣọ àwọn ọmọdé lọ́jà. Ó gbé báàgì ọ̀rá kan lé orí káńtà, ó sì da ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Ìgò mẹ́fà ni. Féèsì wọ́ọ̀ṣì méjì wà níbẹ̀, tónà kan, sukúrọ́ọ̀bù oníyanrìn kan, másíìkì ojú kan, àti omi ìnujú kan tí wọ́n fi òórùn òdòdó sí. ₦19,000 ló san lórí gbogbo rẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó rí owó náà kó jọ. Ìrorẹ́ ṣì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ àti lágbọ̀n ìsàlẹ̀. Ibi tí ìrorẹ́ ti jiná sì ti di àpá dúdú ṣóńṣó ṣóńṣó, bí ìgbà tí èèyàn ta yíǹkì sí ojú.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni kí n tún rà kún un?”

Mi ò dá a lóhùn ìyẹn. Mo bi í pé èló ló lè yọ sọ́tọ̀ lóṣù tí ọjà rẹ̀ kò fi ní mì, tí kò sì ní fọwọ́ kan owó oúnjẹ. Ó rò ó, ó ní ₦7,000. Ọ̀rọ̀ ₦7,000 yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, nítorí mo mọ̀ pé nínú gbọ̀ngàn yìí, àwọn tó ní ju bẹ́ẹ̀ lọ kò pọ̀, àwọn tí kò tó bẹ́ẹ̀ sì wà.

Ohun mẹ́rin ni ojú nílò kó tó di pé a ń wá òmíràn. Àkọ́kọ́ ni ọṣẹ tí a fi ń fọ̀ ọ́. Èkejì ni ìpara tí kì í jẹ́ kí awọ gbẹ. Ẹ̀kẹta ni sọ́nskírìn, ìyẹn ìpara tó ń gba oòrùn dúró. Ẹ̀kẹrin ni oògùn, ohun tó ń bá ìṣòro tó wà lójú yẹn gan-an jà. Nígbà tí mo to ìgò mẹ́fà ọmọ yẹn sórí káńtà lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ló jẹ́ ohun tí a fi ń fọ ojú tàbí tí a fi ń nù ún. Kò sí oògùn níbẹ̀. Kò sí sọ́nskírìn. Kò sí ìpara tó ń mú awọ tutù pàápàá. Ó ti san owó ìfojúfọ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà.

Ó dùn mí, nítorí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí fámásí, èmi náà ti ta irú ẹrù bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn láìbi wọ́n pé kí ló ń ṣe ojú wọn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi ní ìbéèrè kan kí n tó gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: wákàtí mélòó ni ohun yìí máa lò lójú?

Ẹ wo ọṣẹ. O pò ó, o fi pa ojú, o bu omi. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi ti bá omi lọ sí gọ́tà. Bí wọ́n bá fi fítámì tàbí oyin tàbí ewé olówó iyebíye sínú rẹ̀, gọ́tà ló gbà á. Iṣẹ́ tí a rán ọṣẹ kò ju kó kó ọ̀rá, òógùn àti eruku kúrò, kó má sì ha awọ lára. Ọṣẹ tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n lè ṣe ìyẹn. Àfi ọṣẹ ìfọjú tí wọ́n fi oògùn ìrorẹ́ sí, èyí tí à ń fi sílẹ̀ lójú fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí a tó ṣàn án. Ìyẹn ti di oògùn, a ó sì ka owó rẹ̀ mọ́ owó oògùn. Oògùn àti sọ́nskírìn ní tiwọn máa ń wà lójú láti wákàtí mélòó kan títí dé gbogbo òru. Àwọn wọ̀nyẹn ni owó yẹ.

Mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí nípa ọṣẹ dúdú, nítorí kò sí ilé kan níbí tí kò sí. Ọṣẹ dúdú dára fún ara, èmi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n eérú ni wọ́n fi ń sè é, eérú yẹn sì mú un le sí awọ. Bí ẹ bá fi ìwọ̀n pH wọ̀n ọ́n, ìyẹn ìwọ̀n tó ń sọ bóyá nǹkan kan bí ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ó le bí omi eérú, ó sábà máa ń wà láàrin 9 sí 10, nígbà tí awọ ojú fúnra rẹ̀ wà ní nǹkan bíi 5. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń fà lẹ́yìn ìfọ̀, bí awọ ìlù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dè, ọṣẹ rẹ̀ ti le jù nìyẹn. Kì í ṣe àmì pé ojú ti mọ́ dáadáa. Bó bá tún wá lo oògùn ìrorẹ́ lórí irú awọ bẹ́ẹ̀, yóò ta á, yóò sì jù ú sílẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ fi ọṣẹ dúdú fún ara, kí ẹ wá ọṣẹ kan tó rọ̀, tí kò ní òórùn púpọ̀, fún ojú. Alẹ́ ni kí ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Omi lásán ti tó ní òwúrọ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ọṣẹ á sì pẹ́ ní ìlọ́po méjì.

Ní báyìí, oògùn àti sọ́nskírìn ló kù lórí tábìlì, ₦7,000 kò sì lè ra méjèèjì lóṣù kan náà. Èwo ni ká kọ́kọ́ rà?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ìtọ́jú ojú á sọ fún yín pé sọ́nskírìn ni, láìyẹsẹ̀. Fún aláwọ̀ funfun tó ń bẹ̀rù jẹjẹrẹ awọ, ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tó wà níwájú mi lọ́jọ́ yẹn kọ́ nìyẹn. Lára awa aláwọ̀ dúdú, gbogbo ìrorẹ́ tó bá wú, tó pọ́n, ọgbẹ́ kékeré kan ni. Bí awọ bá ti fara gbọgbẹ́, yóò tú àwọ̀ dúdú rẹ̀ jáde síbẹ̀, àwọ̀ náà yóò sì dúró lẹ́yìn tí ìrorẹ́ ti lọ. Ọmọ ìrorẹ́ ni àpá dúdú. Bí o bá ra sọ́nskírìn, tí ìrorẹ́ mẹ́ta mẹ́ta tuntun ṣì ń yọ lọ́sẹ̀, àpá mẹ́ta tuntun ni wàá máa rí lọ́sẹ̀, bó ti wù kí àwọn àtijọ́ máa ṣá tó. Ẹ̀tẹ̀ la fi sílẹ̀ yẹn, tí a ń pa làpálàpá.

Nítorí náà, oògùn ló kọ́kọ́ gba owó. Bẹnsọ́ìlì pẹrọ́ksáìdì ni mo mú fún un, jẹ́ẹ̀lì 2.5% nínú túùbù gíráàmù 30. Oògùn àtijọ́ ni, kò ní orúkọ ńlá. Ó ń pa kòkòrò tó ń mú ìrorẹ́ wú, kòkòrò náà kì í sì kọ́ bí a ṣe ń sá fún un bó ṣe ń ṣe sí àwọn oògùn agbógun-ti-kòkòrò mìíràn. Ẹ máa rí 5% àti 10% náà lórí igbá. Ẹ má ṣe rò pé nọ́ńbà tó tóbi ló lágbára. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wéra, 2.5% ṣe iṣẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti 10% dọ́gba lórí ìrorẹ́ tó wú, kò sì ta ni lójú tó ìyẹn. Fún awọ dúdú, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí awọ tí oògùn bá ta títí tó fi bó, ó lè tún di dúdú níbẹ̀. Oògùn tí a fi ń wo àpá á wá di ohun tó ń dá àpá sílẹ̀.

Ohun tí a rà lóṣù kìn-ín-ní nìyí. Iye ti ìsọ̀ mi ni, ọjà tiyín lè yàtọ̀. Túùbù oògùn jẹ́ ₦5,000. Ọṣẹ ìfọjú tó rọ̀ jẹ́ ₦1,200. Fasilíìnì kékeré gíráàmù 50, tí kò ní òórùn, jẹ́ ₦800. ₦7,000 pé.

Mo rí i tí ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì nígbà tí mo gbé fasilíìnì jáde, nítorí ohun tí màmá rẹ̀ fi ń pa á lára láti kékeré ni. Ṣùgbọ́n kò sí ìpara olówó gọbọi tó ń dí omi mọ́ inú awọ ju fasilíìnì lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Àṣìṣe tí à ń ṣe ni pé ojú gbígbẹ là ń fi í pa. Fasilíìnì kò ní omi nínú, omi tó bá bá lára ló ń dì mú. Bí o bá fọ ojú tán, tí o sì fi aṣọ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ tó ṣì tutù, fi èyí tó kéré gan-an, bí ìdajì wóró ẹ̀wà, ra láàrin àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, kí o sì fi tẹ ojú. Bí ojú bá ń dán bí ẹni tó fi epo pa á, o ti bù ú jù. Òrí náà dára fún ẹni tí awọ rẹ̀ gbẹ, a sì máa ń rí òrí tó dára lọ́dọ̀ wa. Àdín ni mi ò gba ẹni tó ní ìrorẹ́ níyànjú láti fi pa ojú.

Ní ti oògùn, bí ó ṣe lò ó ló pinnu gbogbo rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Alẹ́ ni. Fọ ojú, jẹ́ kó gbẹ pátápátá, nítorí oògùn lórí ojú tútù máa ń ta ju bó ti yẹ lọ. Fi fasilíìnì díẹ̀ sí etí ihò imú, igun ẹnu àti abẹ́ ojú, kí oògùn má bàa wọ ibi tí awọ ti fẹ́lẹ́. Tẹ oògùn tó tó wóró ẹ̀wà kan sí ìka, tò ó sí iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì àti àgbọ̀n ní tó-tò-tó, kí o wá fi pa gbogbo ibi tí ìrorẹ́ máa ń yọ. Mo ní gbogbo ibẹ̀. Kì í ṣe orí ìrorẹ́ nìkan. Ìrorẹ́ tí o rí lónìí ti ń múra sílẹ̀ lábẹ́ awọ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Èyí tí yóò yọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni oògùn ń wá, ìwọ kò sì mọ ibi tó wà. Duro fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí o wá fi ìpara tàbí fasilíìnì tẹ̀lé e, bí ojú tilẹ̀ ti gbẹ nítorí oògùn.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ó ń fi oògùn pa ojú lónìí, ó ń fi ọ̀la sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló di alaalẹ́.

Ní ọjọ́ kẹwàá ó padà wá, ẹ̀rù sì ń bà á. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ti ń bó, ojú ń fà á, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sì ti ní kó da oògùn náà nù. Mo fi ọwọ́ kan ojú rẹ̀, mo bi í pé ṣé ó ń yún ọ, ṣé ìpéǹpéjú rẹ wú? Ó ní rárá, ó kàn gbẹ ni. Ìyàtọ̀ tó yẹ kí ẹ mọ̀ nìyẹn. Gbígbẹ, fífà àti bíbó díẹ̀díẹ̀ jẹ́ ara iṣẹ́ oògùn. Ẹ dín in kù sí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ẹ fi ìpara kún un, yóò rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú bá ń yúnni gidigidi, tó wú, tó pọ́n, tàbí tí ìpéǹpéjú wú, ara ẹni yẹn kò gba oògùn náà. Kó ṣàn án kúrò lójú ẹsẹ̀, kó má sì tún lò ó. Bí èémí bá sì ń há a tàbí tí ètè rẹ̀ wú, ilé ìwòsàn ni kó forí lé. Kó tó fi pa gbogbo ojú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó ti fi díẹ̀ gbìyànjú lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún alẹ́ mẹ́ta.

Nígbà tí mo wo túùbù rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo tún rí nǹkan mìíràn. Kò tíì lọ rárá. Nítorí pé owó rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tó rà, ó ń ṣọ́ ọ lò, ó ń fi orí ìka kan orí ìrorẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí ni ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú ohun tí mo ń rí lọ́dọ̀ àwọn tí owó há fún, mi ò sì bá wọn wí. Ṣùgbọ́n oògùn tí a kò lò tó, owó rẹ̀ ti ṣègbé. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀ fún un lórí ẹ̀yìn rìsíìtì: wóró ẹ̀wà kan tó ìdajì gíráàmù. Gíráàmù 30 yóò lo alẹ́ 60. ₦5,000 lórí alẹ́ 60 kò ju nǹkan bíi ₦83 lálẹ́ kan. Nígbà tó rí ₦83, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó bó ti yẹ.

Oògùn yìí máa ń ṣá aṣọ. Irọ̀rí rẹ̀ aláwọ̀ búlúù ti ní ojú funfun káàkiri kó tó rántí ohun tí mo sọ. Irọ̀rí funfun ni kí ẹ máa lò, kí ẹ má sì so gèlè tàbí fi aṣọ òkè kan ojú tí oògùn ṣì wà lórí rẹ̀. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sí ojú fèrèsé tàbí inú mọ́tò, nítorí ooru ń bà á jẹ́.

Oṣù kejì ni sọ́nskírìn tó kàn. Oògùn àti ọṣẹ ṣì wà nílẹ̀, nítorí náà gbogbo ₦7,000 ló dọwọ́ wa. A ra sọ́nskírìn mílílítà 50 ní ₦6,500. SPF 30 ni, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe ń gba awọ lọ́wọ́ oòrùn tó ń jó o. Mo sì wo ara páálí rẹ̀ kí n rí i pé wọ́n kọ UVA síbẹ̀, ìyẹn ìtànṣán oòrùn tó ń wọ awọ jinlẹ̀, nítorí SPF nìkan kò sọ gbogbo rẹ̀. Mo yan èyí tó ń wọra. Àwọn tí wọ́n fi síńkì ṣe dára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń mú kí ojú wa rí bí ẹni tó fi ẹfun pa á, ohun tó bá sì ń tì ọ́ lójú, o kò ní lò ó.

Ìdí tí sọ́nskírìn fi kan ọ̀rọ̀ wa ni pé oòrùn a máa fún àpá dúdú lókun. Àpá tí ìbá ṣá láàrin oṣù mélòó kan lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí oòrùn bá ń pa á lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n ibí ni ìṣirò ti di líle. Ojú nìkan ń fẹ́ nǹkan bíi mílílítà kan àti ìdá mẹ́rin nígbà kan. Bí ẹ bá tò ó gùn lórí ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín láti ìdí dé orí, ó tó ojú àti ọrùn. Mílílítà 50 yóò lo ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ fún ọjọ́ 40, tí ó bá jẹ́ ojú nìkan. Ìyẹn ju ₦160 lóòjọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì owó oògùn. Bí ọmọ yìí bá ń lò ó lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 60, a nílò ìgò kan àtààbọ̀, ìyẹn ₦9,750. Ẹ ro oògùn ₦5,000, ọṣẹ ₦1,200 àti nǹkan bíi ₦500 fún fasilíìnì mọ́ ọn, ó ti kọjá ₦16,000 lóṣù méjì. ₦14,000 ló sì ní.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe níbí ni pé wọ́n á máa pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí ó lè pẹ́. Ẹ má ṣe é. Sọ́nskírìn tí a pa ní ìdajì kò fúnni ní ààbò tí wọ́n kọ sára ìgò, kò sún mọ́ ọn rárá. Ohun tí èmi àti rẹ̀ fẹnu kò sí ni pé ọjọ́ márùn-ún tó ń jókòó ní ọjà ni yóò máa lò ó, ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́. Ọjọ́ méjì tó kù, inú ilé àti ìjọ ló máa ń wà, yóò sá fún oòrùn. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ mú kí ìgò kan lo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Àpapọ̀ ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá di ₦13,200 fún nǹkan bí oṣù méjì. Ó wọ inú owó rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé owó pọ̀, ńṣe ni ǹ bá ní kó máa tún un pa lẹ́yìn wákàtí méjì méjì nínú oòrùn. Owó kò gbà á, nítorí náà akẹtẹ̀ ló rọ́pò rẹ̀. Akẹtẹ̀ ẹlẹ́nu fífẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ń dé lọ oko kajú ló ń dé lọ sí ìsọ̀, ó sì sún tábìlì rẹ̀ wọ abẹ́ ìbòji. Akẹtẹ̀ kò tán bí ìpara, gbogbo irú ìtànṣán oòrùn ló sì ń dí, títí kan ìmọ́lẹ̀ tí a fi ojú rí, èyí tí sọ́nskírìn lásán kì í dí dáadáa tó sì ń mú awọ dúdú dúdú sí i.

Mo ti ní oògùn ló kọ́kọ́, ṣùgbọ́n ti ẹni tó ní ìrorẹ́ ni mo ń sọ. Bí ìyá kan bá wá bá mi, tí kò ní ìrorẹ́ kankan, tó jẹ́ pé àwọ̀ dúdú ló tẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì àti iwájú orí, tó bẹ̀rẹ̀ látìgbà oyún, sọ́nskírìn ni màá kọ́kọ́ gba owó rẹ̀ fún, àní èyí tó ní àwọ̀ ilẹ̀ pupa nínú, nítorí ohun tó fún un ní àwọ̀ yẹn ló ń dí ìmọ́lẹ̀ tí mo wí. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń ya, tó ń yún un nígbà ọyẹ́, ìpara ló kọ́kọ́ yẹ ẹ́. Ohun tó ń ṣe ojú ló ń pàṣẹ fún owó.

Ohun kan ṣoṣo tí mi ò fẹ́ kí kọ́bọ̀ kan lọ síbẹ̀ ni ìpara àpòpọ̀ inú ike tí kò ní orúkọ, èyí tí wọ́n ń sọ pé ọjọ́ méje ló fi ń mú àpá lọ. Àpá dúdú kì í lọ lọ́jọ́ méje. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, sitẹ́rọ́ìdì ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, tàbí haidrokuínónì, tàbí mẹ́kúrì. Ẹ ó mọ ti sitẹ́rọ́ìdì. Ìrorẹ́ á kọ́kọ́ rọlẹ̀ wéré, ojú á mọ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ awọ á fẹ́lẹ́, iṣan pupa á hàn, ìrorẹ́ kéékèèké tó jọra wọn á sì yọ rẹpẹtẹ. Lọ́jọ́ tí o bá ní o fẹ́ dá a dúró, ojú á gbiná. Ẹni tó ti wà nínú rẹ̀ kó má dá a dúró lójijì láìrí dókítà awọ. Ẹ máa wo nọ́ńbà NAFDAC lára ohunkóhun tí ẹ bá rà, kí ẹ sì kà ohun tí wọ́n kọ pé ó wà nínú rẹ̀. Bí wọn kò bá kọ nǹkan kan, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.

Ọmọ yìí kò rí ìyàtọ̀ kankan ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Mo ti kìlọ̀ fún un. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ìrorẹ́ tuntun ti dín kù sí ọ̀kan tàbí méjì lọ́sẹ̀. Ní oṣù kẹta, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kejìlá tí mo sọ fún un pé ká fi ṣe ìdájọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti tẹ́jú. Àpá ṣì wà nígbà yẹn. Ó di bí oṣù kẹjọ kí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn tó ṣá, méjì sì wà lágbọ̀n tí kò tíì lọ tán títí di òní. Bó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kejìlá pé tí ìrorẹ́ kò yí padà, tàbí tó jẹ́ èyí tó jìn, tó dùn, tó ń fi ihò sílẹ̀, kì bá ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ohun tí a ń rà ní fámásí mọ́. Màá ti kọ ìwé fún un lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Àwọn méjì béèrè ọ̀rọ̀ kí a tó tú ká. Ìyá kan ní ọmọ òun lóyún, ṣé ó lè lo oògùn yẹn? Mo ní bẹnsọ́ìlì pẹrọ́ksáìdì kì í wọ inú ara púpọ̀, wọ́n sì máa ń gbà kí aláboyún lò ó, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ fi hàn níbi tó ti ń gba ìtọ́jú oyún. Oògùn ìrorẹ́ tó ń jẹ́ adapalíìnì ni kó má fọwọ́ kàn.

Ẹnì kejì ní òun àti àbúrò òun jọ ń gbé yàrá kan, àwọn méjèèjì ló ní ìrorẹ́, ṣé àwọn lè da owó pọ̀? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì dára. Túùbù oògùn kan yóò lo oṣù kan fún ẹni méjì. Ọṣẹ tí a ń fà jáde lẹ́nu ìgò ni kẹ́ ẹ rà, ẹ má jọ lo ọṣẹ pẹlẹbẹ kan. Ẹ má ti ìka bọ fasilíìnì kan náà, ẹ fi ṣíbí kékeré bù ú. Sọ́nskírìn ńlá mílílítà 100 sábà máa ń rọni lọ́rùn ju kéékèèké méjì lọ, ẹ kàn pín owó ìgò náà fún ọjọ́ tí yóò lò kí ẹ tó sanwó. Aṣọ ìnujú ni kí olúkúlùkù ní tirẹ̀, kó sì jẹ́ funfun.